Fóònù kan náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, láìkọjá owó tó wà nílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké ní àdúgbò wa n'Íbàdàn. Alága ní kí n fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè ra fóònù kan náà fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìkọjá iye owó tó ti yà sọ́tọ̀. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́, àmọ́ orúkọ fóònù àti iye tí wọ́n ń tà á nìkan ló ń jáde. Kí ni mo lè sọ tí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ fa ìlà sórí gbogbo orúkọ fóònù tí ẹ ti kọ yẹn. Iye tí ẹ bá gbọ́ lọ́jọ́ Ajé lè ti yí padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, fóònù tó sì wà lórí pẹpẹ lónìí, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú iye kan, kí ẹ pín in níwájú wọn, torí ibi tí wọ́n ti ń pín owó ni àṣìṣe ti ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó dé ìsọ̀ onífóònù rárá.

Ẹ lè lo àpẹẹrẹ yìí bó ṣe wà. Ẹnì kan ní iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló fẹ́ ra fóònù fún: awakọ̀ márùn-ún tó ń gbé omi kiri, àwọn méjì tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ẹnì kan ní ọ́fíìsì. Owó tó yà sọ́tọ̀ jẹ́ ₦1,500,000, kò sì ní fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó pé èló ni kó ra fóònù kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn á pín in sí mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní ₦166,666. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sókè, kí ẹ kọ ọ́ sára pátákó, kí ẹ tó wá fi hàn wọ́n pé iye tó yẹ kó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sọ́jà jẹ́ ₦125,000.

Báyìí la ṣe dé ibẹ̀. Kọ́kọ́ yọ ₦150,000 sẹ́yìn fún àtúnṣe, kó wà ní àkáǹtì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦1,350,000. Lẹ́yìn náà, fóònù mẹ́wàá ni a máa rà, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Tí a bá pín ₦1,350,000 sí mẹ́wàá, ₦135,000 ló bọ́ sí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò sì lè jáde lọ sójú títì níhòòhò: ó máa wọ páọ̀ṣì, a máa lẹ gíláàsì mọ́ ojú rẹ̀, a máa ra síìmù sí i. Mo fi ₦10,000 sí gbogbo ìyẹn lórí fóònù kan, kí oníkálùkù béèrè iye tirẹ̀ lọ́jà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún fóònù fúnra rẹ̀ nìyẹn, ₦125,000. Láàárín iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ àti iye yìí, ó lé ní ₦41,000 lórí fóònù kan. Ẹni tó bá fi ₦166,666 sọ́kàn wọ ọjà, fóònù tó dára díẹ̀ sí i ló máa rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú fóònù awakọ̀ kan bá kọ́kọ́ fọ́, owó ọjà ló máa ṣí, tàbí kó ra irú mìíràn tó bá rí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni fóònù kan náà di ìtàn níléeṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò lórí owó, ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, èyí tí ìjọba ń gbà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìsọ̀ tó bá ń kọ ìwé iye ọjà fún iléeṣẹ́ lè kọ ₦125,000 kó sì wá fi owó orí kún un nísàlẹ̀ ìwé. Lórí fóònù mẹ́wàá, ₦93,750 ló máa yọ lójijì, kò sì sí ibi tí a fi í sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáàbò bo èèyàn: "Ṣé owó orí ti wà nínú iye yìí?" Ti dátà, inú owó oṣooṣù ni kó wà. Ẹni tó bá pa á pọ̀ mọ́ owó fóònù, yálà kó ra fóònù tí kò tó tàbí kí dátà tán lóṣù kẹta.

Wọ́n máa bá yín jiyàn lórí fóònù kẹwàá. Ẹ má ṣe fà sẹ́yìn níbẹ̀, torí òun gan-an ló gbé gbogbo ètò náà dúró. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù kì í tọ́jú irú kan pẹ́. Láàárín ọdún kan tàbí kó dín díẹ̀, tuntun á ti rọ́pò rẹ̀, onísọ̀ á sì sọ fún yín pé "èyí tó rọ́pò rẹ̀ náà nìyí." Kì í ṣe òun náà. Nítorí náà ọjọ́ tí ẹ ń ra mẹ́sàn-án nìkan ni ó dá yín lójú pé ẹ lè rí ìkẹwàá tó bá wọn dọ́gba. Kí wọ́n fi gbogbo áàpù iṣẹ́ sí i bíi ti àwọn yòókù, kí wọ́n gba iná sí i dé ìdajì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n máa yọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti gba iná kún un. Nígbà tí ti awakọ̀ kan bá bàjẹ́ ní aago méje àárọ̀, wọ́n á yọ síìmù rẹ̀ sínú ìkẹwàá, kò sí ẹ̀kọ́ tuntun tó fẹ́ kọ́, ọkọ̀ á sì jáde. Èyí tó bàjẹ́ á lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe pẹ̀lú ₦150,000 tó wà nílẹ̀. Bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, kí wọ́n má jù ú nù: ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀, ibi tí ó ti ń gba iná, gbogbo rẹ̀ ló bá mẹ́sàn-án yòókù mu. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ni mi ò ní fi dandan mú pé kó ra ìkẹrin, torí ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ nìyẹn. Kí ìyẹn fi owó náà kún ti àtúnṣe. Láti márùn-ún lọ sókè, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ó wá kan kí ni "kan náà" túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ tó wà lára páálí ni. Samsung Galaxy A14 jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé tọmọdé tàgbà. A14 wà tí kò kọjá 4G, A14 mìíràn wà tó jẹ́ 5G, ṣíìpù inú wọn yàtọ̀, àwọn 4G fúnra wọn sì tún wà lóríṣi ṣíìpù méjì. Gbogbo wọn ni onísọ̀ ń pè ní A14. Ohun tó ń jẹ́ kan náà ni nọ́ńbà tó wà nínú Settings, lábẹ́ About phone, níbi tí wọ́n kọ Model number sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni RAM, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àyè ìpamọ́. Bí mẹ́ta yìí bá dọ́gba lórí fóònù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ ti ra kan náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ ti ra irú méjì, kò sí bí àwọ̀ wọn ṣe lè jọra tó.

Ẹ fara balẹ̀ lórí RAM, torí ibẹ̀ ni iye owó kékeré ti ń rí ẹ̀tàn jù. Lára páálí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ máa rí 8GB gàdàgbà, ẹ ó sì rí 4GB+4GB ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. 4GB ni RAM tòótọ́. 4GB kejì, àyè ìpamọ́ ni fóònù ń yá lò bí ẹni pé RAM ni, kò sì yá bíi tòótọ́ rárá. Kò burú kí fóònù ní in, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sanwó 8GB lé e lórí. Fún irú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ìyẹn WhatsApp, áàpù báǹkì, àwòrán ìwé ẹrù àti máàpù, mi ò ní gbà kí RAM tòótọ́ dín ní 4GB tàbí kí àyè ìpamọ́ dín ní 64GB. Ètò tó ń gbé fóònù fúnra rẹ̀ ti gba apá tó pọ̀ nínú àyè náà kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Fídíò inú gúrúùpù WhatsApp ló sì máa ń jẹ èyí tó kù, bí wọn ò bá pa gbígbà-wọlé fúnra rẹ̀.

Níbí, mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yìí fún wọn bó ṣe wà, torí mo ti rí i pé ó ń wọ etí ju àlàyé gígùn lọ: "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má ra mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Ẹ ra ẹyọ kan. Ẹ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ le jù lọ níléeṣẹ́ yín, kó lò ó fún ọjọ́ méje. Bí fóònù náà bá ní àléébù, ẹyọ kan ló ní in. Bí ẹ bá ti ra mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní in."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ọ̀gá jókòó sábẹ́ fáànù, ṣájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ ni kó mú un. Kó gba iná sí i kún kó tó jáde láàárọ̀, kó kọ ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Fóònù tuntun tó bá ti bọ́ sábẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní aago mẹ́rin lè má parí ọjọ́ mọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá pé ọdún kan. Kó ka nọ́ńbà lójú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Kó ya àwòrán ìwé ẹrù kan tí oníbàárà ti buwọ́ lù, kó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ iye báàgì omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ láìbéèrè.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò ná wọn ní nǹkan kan. Kí wọ́n tẹ́ fóònù náà sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láti orí fóònù mìíràn, kí wọ́n wo aago. Ó yẹ kó dún lójú ẹsẹ̀. Lórí àwọn fóònù kan, kò ní dún títí ẹnì kan á fi gbé e, tí ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún á wá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù náà ló ti dá WhatsApp dúró lẹ́yìn ojú láti fi tọ́jú bátìrì. Fún ẹni tó ń gbé omi, oníbàárà tó ní "ẹ má gbé e wá mọ́" ní aago mẹ́wàá, aago méjìlá ni awakọ̀ máa rí i, nígbà tó ti fi epo débẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Apps, ẹ mú WhatsApp, ẹ wá Battery, ẹ yí i sí Unrestricted, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe. Bí ó bá dún báyìí, ẹ ti rí oògùn rẹ̀, ẹ ó sì lo oògùn kan náà fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èrè fóònù kan náà gan-an nìyẹn: ìṣòro tí ẹ bá yanjú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti yanjú rẹ̀ fún gbogbo ilé. Bí kò bá dún síbẹ̀, ẹ wá irú mìíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra ìyókù, ìbáà ṣe n'Íbàdàn tàbí ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì n'Íkẹjà, ojú ìsọ̀ ni kí wọ́n ti tú gbogbo páálí. Mo kọ́ èyí lọ́nà líle. Mo ra méje fún ọ́fíìsì wa nígbà kan, mo tan ẹyọ kan wò, ó dára, mo sanwó. Nígbà tí mo délé, méjì nínú wọn ní nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó yàtọ̀. Gíláàsì tí mo rà kò bá ojú wọn mu, nígbà tí mo sì padà lọ, wọ́n ní mo ti tú u, wọn kò gbà á mọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò sanwó kí n tó rí nọ́ńbà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan án, ẹ wo Model number, RAM àti àyè ìpamọ́. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà ìpè, kí ẹ tẹ èyí:

```
*#06#
```

IMEI máa jáde, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, oníka 15. Fóònù tó ń gba síìmù méjì máa fi méjì hàn. Ó gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára páálí mu, kí onísọ̀ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì, ti mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Rìsíìtì tó kàn sọ pé "fóònù mẹ́wàá" kò wúlò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo wáráńtì. Fún ayédèrú, ẹ fi dátà sí ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ àwòrán àkáǹtì lókè, ẹ wọ Settings, ẹ wọ About. Ó yẹ kí ẹ rí Device is certified. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á. Kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Tecno, Infinix àti itel, iléeṣẹ́ Transsion kan náà ló ni wọ́n, Carlcare ló sì ń tún wọn ṣe. Bí ibi àtúnṣe bá wà nínú ìlú yín, ó tó ìdí láti yan fóònù kan ju èkejì lọ nígbà tí iye wọn bá súnmọ́ ara.

Ẹnì kan á dìde, á ní ṣé kò ní dín owó kù bí òun bá ra tòkunbọ̀. Ẹ dá a lóhùn ní ṣókí: mẹ́wàá lè ní orúkọ kan náà, àmọ́ bátìrì wọn kì í jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. Ọ̀kan á dé alẹ́, èkejì á kú lọ́sàn-án, ìdí tí ẹ fi fẹ́ kan náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ kan fún ara rẹ̀ lè rà á. Bákan náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ya àwòrán ọjà fún títà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí, ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò dára kí a tìtorí ẹnì kan ra kámẹ́rà olówó gọbọi fún awakọ̀ márùn-ún.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tó dára pamọ́ fún ọ̀rọ̀ àkáǹtì, torí owó máa ń bọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé fóònù bàjẹ́. Bí ẹ bá fún òṣìṣẹ́ ní fóònù nínú páálí, àkáǹtì Google ara rẹ̀ ló máa fi sí i. Lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lè gba fóònù náà padà, kí ẹ fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, kó sì tan padà kó máa béèrè àkáǹtì ẹni tó lọ. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè má baà rí i lò ni, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọ̀gá. Bí ẹni náà kò bá gbé ìpè mọ́, ₦125,000 ti di òkúta. Nítorí náà iléeṣẹ́ ni kó ṣí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan fún fóònù kọ̀ọ̀kan, láti 01 dé 10, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn wà lọ́wọ́ oníléeṣẹ́, kí nọ́ńbà ìgbàpadà jẹ́ ti oníléeṣẹ́. Bí Google bá kọ nọ́ńbà náà nítorí ó ti fọwọ́ sí àkáǹtì púpọ̀, kí wọ́n lo síìmù tuntun inú fóònù náà láti fi jẹ́rìí.

Síìmù náà ńkọ́? Gbogbo síìmù ní Nàìjíríà ló so mọ́ NIN. Bí ó bá so mọ́ NIN awakọ̀, òun ló ni nọ́ńbà náà, àwọn oníbàárà tó ń pè é á sì bá a lọ. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ síìmù pé orúkọ iléeṣẹ́ ni ẹ fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC dání. Lórí WhatsApp, kí oníléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ tan Two-step verification, kó yan nọ́ńbà oníka mẹ́fà náà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú IMEI àti orúkọ ẹni tó ń lo fóònù kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kan tó fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Bí mo bá jẹ́ yín, màá lo ìṣẹ́jú méje lórí pínpín owó, márùn-ún lórí ohun tí "kan náà" jẹ́ àti ìdánwò ọjọ́ méje, mẹ́rin lórí àkáǹtì àti síìmù. Ẹ fi mẹ́rin tó kù sílẹ̀, kí ẹ ní kí gbogbo wọn yọ fóònù tó wà lápò wọn, kí wọ́n tẹ *#06#, kí wọ́n sì wọ Settings lọ wo Model number. Ẹni méjì tó bá rò pé irú kan náà ni àwọn ń lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka tiwọn sókè.